Open to Work lórí LinkedIn: orúkọ iṣẹ́ wo ni kí n yàn, ìlú wo, ta ni kí n jẹ́ kó rí i?

Àdùkẹ́_Oníṣirò

Ẹ kú ilé o. Ẹ̀ka ìṣúná ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe páìpù ní Ìkẹjà ni mo wà. Ọdún kẹfà mi rèé, mo sì ti gba ìwé ẹ̀rí ICAN. Account Officer ni wọ́n kọ sínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ mi. Mo fẹ́ tan Open to Work, èyí tó ń jẹ́ kí àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ mọ̀ pé mo ń wáṣẹ́, ó wá ń bi mí ní orúkọ iṣẹ́ márùn-ún, ìlú, àti ẹni tó máa rí i. Ọ̀gá mi wà lórí LinkedIn, ẹ̀gbọ́n mi sì ní kí n fi London sí i. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n yàn?

Kólá_Òkèàdó

Àbúrò, má da ara rẹ láàmú. Tẹ Recruiters only, ó parí. Kò sẹ́ni tó máa rí i ní ọ́fíìsì yín láéláé. Ní ti orúkọ iṣẹ́, àyè márùn-ún ni wọ́n fún ẹ, kún gbogbo ẹ̀: Accountant, Auditor, Data Analyst, HR Officer, Virtual Assistant. Àwọ̀n tó bá fẹ̀ ló ń kó ẹja. Ìlú náà, fi Lagos, Abuja, London, Toronto, Dubai. Ọ̀fẹ́ ni, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ.

Ìyá_Ìbejì_Yábàá

Kólá, mo kí ẹ, àmọ́ ìmọ̀ràn yẹn máa da ọmọ ọlọ́mọ láàmú. Iṣẹ́ kí n máa bá ilé-iṣẹ́ wá òṣìṣẹ́ ni mò ń jẹ, mo ń lo LinkedIn Recruiter lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa.

Tí oníbàárà kan bá ní kí n wá akáǹtáǹtì fún òun, orúkọ iṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ máa tẹ̀, ìlú ló máa tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni mo máa ní kí ó fi àwọn tó ti tan Open to Work hàn mí. Bí mo bá ṣí ojú-ewé rẹ, mo máa rí orúkọ iṣẹ́ tí o ní o ń wá, gbogbo wọn pa pọ̀. Tí mo bá wá rí Accountant, HR Officer àti Virtual Assistant lára ẹnì kan ṣoṣo, ohun tó máa wá sí mi lọ́kàn ni pé ohunkóhun tó bá ti lè mówó wọlé lonítọ̀hún ń wá. Màá kọjá sí ẹlòmíì tó mọ ohun tó fẹ́. Kì í ṣe ìkà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà níwájú mi, àyè ò sì sí láti máa bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè.

Àdùkẹ́, wàhálà tìrẹ tún yàtọ̀. Account Officer tó wà nínú lẹ́tà rẹ yẹn, ní báńkì ilẹ̀ wa, ẹni tó ń tọ́jú oníbàárà tó sì ń wá owó ìfipamọ́ kiri ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Tí o bá fi sí i, àwọn báńkì tó ń wá ẹni tó máa gba àfojúsùn owó ni wọ́n máa kọ̀wé sí ọ. Account Manager burú jù ú lọ, ẹni tó ń tajà tó sì ń bójú tó oníbàárà ńlá ni. Account Executive náà, ọjà títà ni. Má fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe rèé. Lọ sí apá Jobs, tẹ orúkọ iṣẹ́ kan pẹ̀lú Lagos, kí o ka ìpolówó bíi mẹ́wàá tó bá kọ́kọ́ jáde. Ka iṣẹ́ tí wọ́n ní ẹni náà máa ṣe, má wo owó. Tó bá jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n kọ ni ìwọ náà ń ṣe ní ìparí oṣù, orúkọ yẹn yẹ ọ́. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yọ ọ́. Sọ fún mi, kí lò ń ṣe gan-an?

Àdùkẹ́_Oníṣirò

Ẹ ṣé gan-an, mà. Èmi ni mò ń pa ìwé oṣù dé. Mo ń fi àkọsílẹ̀ wa wé ti báńkì, mo ń ṣe owó orí òṣìṣẹ́ àti owó orí ọjà, mo ń ka ọjà inú ilé ìpamọ́ pẹ̀lú àwọn ará ìsàlẹ̀, mo sì ń ṣírò iye tí páìpù kọ̀ọ̀kan ná wa. Èmi náà ni mò ń kọ ìròyìn tí ọ̀gá mi máa gbé lọ sípàdé ìgbìmọ̀. Finance Manager ni ọ̀gá mi. Ṣé kí n fi Finance Manager sí i? Iṣẹ́ rẹ̀ náà ni mò ń ṣe ní ìdajì.

Alhájà_Gbági

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi náà fẹ́ bi yín. Mo ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn, mo ń wá ọmọbìnrin kan tó mọ ìṣirò tó sì lè dúró ti ọjà. Ṣé tí mo bá tan nǹkan yìí, wọ́n á wá bá mi?

Ìyá_Ìbejì_Yábàá

Alhájà, ẹ kú ọjà. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ ló ń tan èyí. Ti ẹni tó ní iṣẹ́ nílẹ̀ ni Hiring, níbi bọ́tìnì Open to kan náà. Àmọ́ fún ṣọ́ọ̀bù Gbági, tí mo bá jẹ́ yín, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ yín ní ìlà ọjà yẹn ni mo máa sọ fún.

Àdùkẹ́, ohun tí o kà sílẹ̀ yìí dùn mọ́ mi. Iye tí páìpù kọ̀ọ̀kan ná yín, ìyẹn níye lórí ju bí o ṣe rò lọ. Cost Accountant ló ń ṣe é, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe nǹkan sì máa ń wá irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo akáǹtáǹtì ló mọ̀ ọ́n, ẹni tó ti báńkì wá kì í sábà mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, Accountant, Management Accountant, Cost Accountant, Financial Accountant. Mẹ́rin ti tó. Wọn ò fi dandan lé e pé kí márùn-ún pé.

Finance Manager, rárá, kò tíì yá. Wọ́n máa bi ọ́ pé èèyàn mélòó ló wà lábẹ́ rẹ, ta ló ń buwọ́ lu ìwé owó, ta ló ń bá àwọn ayẹ̀wéwò ti ìta jókòó. Tí ìdáhùn bá jẹ́ "ọ̀gá mi ni", wọ́n á kọjá. Nǹkan míì tún wà níbẹ̀: ẹni tó ń wá Accountant tó wá rí Finance Manager lára rẹ máa rò pé owó tí o máa béèrè ju tòun lọ. Ìpele kan náà ni kí gbogbo wọn wà, bóyá kí ọ̀kan fi díẹ̀ ga ju ìyókù lọ.

Tí o bá ń kọ ọ́, jẹ́ kí ó fi orúkọ hàn ọ́ nísàlẹ̀, kí o tẹ èyí tó bá mú wá. Má dá orúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ. Orúkọ tí wọ́n ti mọ̀ ni ètò náà fi ń so ọ́ pọ̀ mọ́ ẹni tó ń wá ọ.

Kólá_Òkèàdó

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi Virtual Assistant mọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ó sì rí iṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń wá èèyàn ò rí bákan náà.

Ìyá_Ìbejì_Yábàá

Mi ò jiyàn, ó lè ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo rí lójú iṣẹ́ tèmi ni mò ń sọ.

Àdùkẹ́_Oníṣirò

Orúkọ Account Officer tó wà nínú ìtàn iṣẹ́ mi ńkọ́? Ṣé kí n yí òun náà padà sí Accountant?

Ìyá_Ìbejì_Yábàá

Fi í sílẹ̀ bí lẹ́tà rẹ ṣe wí. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ rẹ láti wádìí ọ, ohun tó wà nínú fáìlì ni wọ́n máa fi ránṣẹ́, tí méjèèjì ò bá sì bára mu, ìwọ lo máa ṣàlàyé. Ìlà tó wà lábẹ́ orúkọ rẹ lókè pátápátá, ìyẹn lo lè kọ bí o ṣe fẹ́: Accountant, ACA, manufacturing and product costing. Lábẹ́ Account Officer wá kọ iṣẹ́ tí o kà fún wa yìí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣẹ́gun_Mànṣẹ́stà

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti London, torí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ni mo wà. Mo kàwé níbí, físà Graduate ni mò ń lò, Manchester, Leeds àti Liverpool ni mo fi sí tèmi. Láàárín ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n bá pè mí, ìbéèrè tó ń jáde ni pé: ṣé o lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ níbí, ìgbà wo sì ni físà rẹ máa parí? Èmi tí mo wà nílẹ̀ yìí gan-an ni wọ́n ń bi bẹ́ẹ̀ o.

Ẹni tó wà n'Ìkẹjà tó fi London sí i, tí wọ́n bá máa gbà á, ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti mú òṣìṣẹ́ wọlé lábẹ́ físà Skilled Worker. Láti 22 oṣù keje 2025, £41,700 lọ́dún ni owó ọ̀yà tí wọ́n ń béèrè fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wọlé tuntun, tí iye tí ìjọba là sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà bá sì ga jù bẹ́ẹ̀, èyí tó ga ni wọ́n máa lò. Akáǹtáǹtì tó ti gbàwé ẹ̀rí lè dé ibẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ agbanisíṣẹ́ tó ń wá ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè kò ní sùúrù yẹn. Ohun tí London máa fún ọ ni ìwé tí ẹ máa kọ síra yín lẹ́ẹ̀kan, tó máa dákẹ́ lẹ́yìn tí o bá sọ pé Èkó lo wà.

Àdùkẹ́_Oníṣirò

Tó bá jẹ́ iṣẹ́ àtilé ṣe ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Mo rí i pé ibi tí wọ́n ti ń béèrè ìlú fún ìyẹn yàtọ̀.

Ṣẹ́gun_Mànṣẹ́stà

Bẹ́ẹ̀ ni, ó yàtọ̀. Ibi tí o ti máa lọ jókòó lọ́fíìsì wà lọ́tọ̀, ti Remote wà lọ́tọ̀. Ohun tí àwọn èèyàn ò mọ̀ ni pé United Kingdom lábẹ́ Remote kì í sábà túmọ̀ sí pé o lè jókòó s'Ìkẹjà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyẹn fẹ́ kí o máa gbé níbí, kí o máa san owó orí níbí, kí o kàn má wá sọ́fíìsì ni. Nigeria gan-an ni kí o fi sábẹ́ Remote. Ilé-iṣẹ́ òkèèrè tó bá fẹ́ gba ọmọ Nàìjíríà, ibẹ̀ ló máa wò.

Mọ́ṣọọ̀dù_Ọ̀tà

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ London, kò sẹ́ni tó dárúkọ Ògùn. Àdùkẹ́, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe páìpù lo wà. Níbo ni irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí? Àgbárá, Ọ̀tà, Ṣàgámù, àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn láti Ìbàfò dé Ṣàgámù. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni gbogbo ibẹ̀. Èèyàn á rò pé Èkó ni torí pé ọkọ̀ Èkó ló ń gbé wa lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá ń kọ ìpolówó, Ogun State ni wọ́n ń fi síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí mo wà, inú Ọ̀tà, oṣù méjì gbáko la fi wá akáǹtáǹtì tó mọ ìṣírò iye owó ọjà. Ẹni tí a padà rí, Ìyànà Ìpájà ló ń gbé. Èkó nìkan ló fi sójú-ewé rẹ̀, ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n ló mú un wá.

Ìyá_Ìbejì_Yábàá

Mọ́ṣọọ̀dù, o ṣeun. Ohun tí mo fẹ́ kọ gan-an nìyẹn. Tí oníbàárà bá ní Ọ̀tà, Ogun State ni mo ń tẹ̀, ẹni tó fi Lagos nìkan lè má jáde sí mi, àfi tí mo bá rántí láti fi Lagos kún un. Mi ò sì ń rántí nígbà gbogbo.

Àdùkẹ́, fi Lagos State sí i, má fi Ikeja nìkan. Fi Ogun State kún un tí o bá lè lọ. Ronú nípa ọ̀nà náà dáadáa o: Ọ̀tà láti Ìkẹjà ṣeé ṣe fún ẹlòmíì, Àgbárá lójoojúmọ́ jẹ́ ìyà gidi àyàfi tí ilé-iṣẹ́ bá ní bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́. Béèrè bọ́ọ̀sì kí o tó béèrè owó. Abuja, má fi sí i àyàfi tí o bá ṣe tán láti kó lọ lóòótọ́, torí pé tí mo bá pè ọ́ fún iṣẹ́ Abuja tí o sì ní o ò lè kúrò l'Ékòó, màá rántí orúkọ rẹ nígbà míì.

Ó ku ti ọ̀gá rẹ. Kólá ní kò sẹ́ni tó máa rí i láéláé. LinkedIn fúnra wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ń gbìyànjú láti má fi han àwọn agbanisíṣẹ́ ilé-iṣẹ́ rẹ, ṣùgbọ́n àwọn ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé àṣírí náà máa bò pátápátá. Wo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá rẹ, tó bá kàn ń lo LinkedIn bí èmi àti ìwọ ṣe ń lò ó, kò ní rí nǹkan kan. Àwọn tó ń lo Recruiter, tí ilé-iṣẹ́ ń sanwó fún, nìkan ló ń rí i. Nínú àwọn yẹn, ètò náà máa ń gbìyànjú láti yọ àwọn ará ilé-iṣẹ́ tìrẹ kúrò. Báwo ló ṣe mọ̀ pé tìrẹ ni? Ó máa wo ilé-iṣẹ́ tí o kọ pé o wà báyìí, tí ó bá so mọ́ ojú-ewé ilé-iṣẹ́ náà lórí LinkedIn.

Ibí yìí ni kí o ti lọ wò ó báyìí. Ṣí ìtàn iṣẹ́ rẹ. Ẹ̀gbẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ, ṣé àmì ilé-iṣẹ́ náà ló wà níbẹ̀, tàbí àpótí eérú kan tí kò ní nǹkan nínú?

Àdùkẹ́_Oníṣirò

Ha. Àpótí eérú ni, mà. Mo sì mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ wa ní ojú-ewé, torí mo máa ń rí ìpolówó wa.

Ìyá_Ìbejì_Yábàá

Ohun tí mo fura sí nìyẹn. Ó ní láti jẹ́ pé o kàn tẹ orúkọ náà, o ò yàn án láti inú èyí tó jáde nísàlẹ̀. Ètò náà ò mọ̀ pé ibẹ̀ lo wà, kò sì ní mọ ẹni tó yẹ kó fi ọ́ pamọ́ fún. Tí ẹ̀ka òṣìṣẹ́ yín bá ní Recruiter, wọ́n lè rí ọ láàárín àwọn tó ń wáṣẹ́, kedere.

Tún un ṣe kí o tó tan ohunkóhun. Ṣí iṣẹ́ náà, pa orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ́, tún un tẹ̀, kí o wá yan èyí tó ní àmì wọn. Ṣáájú kí o tó tẹ Save, wo bọ́tìnì kékeré kan tí wọ́n kọ Notify network sí, kí o pa á. Tí o bá gbàgbé rẹ̀ ní títàn, àwọn ojúlùmọ̀ rẹ lè gbọ́ pé nǹkan yí padà lára iṣẹ́ rẹ, ọ̀gá rẹ náà lè wà lára wọn. Fi í sílẹ̀ bíi ọjọ́ díẹ̀ kí o tó wá tan Open to Work.

Ọ̀nà kan ṣì wà tí kò ṣeé dí. Àwa tí a wà níta. Tí ilé-iṣẹ́ yín bá gbé iṣẹ́ fún irú èmi yìí láti wá akáǹtáǹtì, orúkọ ilé-iṣẹ́ tèmi ni mo fi ń wọlé, ètò náà ò sì mọ ẹni tí mò ń wá èèyàn fún. Mo ti rí i ṣẹlẹ̀: oníbàárà kan ní kí a wá ẹni tó máa rọ́pò ẹnì kan, èyí tó kọ́kọ́ jáde láàárín àwọn tó ń wáṣẹ́ ni òṣìṣẹ́ oníbàárà náà fúnra rẹ̀. A pa ẹnu mọ́, ṣùgbọ́n ẹlòmíì lè má pa á mọ́.

Báyọ̀_Aláwọ̀_Ewé

Èmi ò fi tèmi pamọ́ o. Wọ́n ti dá wa dúró, kí ni mo tún fẹ́ bò? All LinkedIn members ni mo yàn, òrùka àwọ̀ ewé yí fọ́tò mi ká. Àwọn tí a jọ ṣe ilé ẹ̀kọ́ gíga tí n ò gbúròó wọn láti ọdún gbọọrọ ló kọ́kọ́ kọ̀wé, ọ̀kan nínú wọn ló mú mi dé ibi tí mo wà báyìí. Àwọn tó ń pe òrùka yẹn ní àmì òtòṣì, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Àwọn gbájúẹ̀ náà ń wá òrùka yẹn. Wọ́n á ní àwọn ti gbà ọ́ síṣẹ́ láì bá ọ sọ̀rọ̀ rí, ẹ jẹ́ ká lọ sí Telegram, san owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́, ẹ dá a dúró níbẹ̀.

Kólá_Òkèàdó

Òrùka yẹn ò dáa. Ọ̀gá kan sọ fún mi pé òun kì í pe ẹni tó bá ní in.

Ìyá_Ìbejì_Yábàá

Àwọn kan wà tí ojú wọn rí bẹ́ẹ̀, oníbàárà tèmi kan náà sọ ọ́ rí. Èmi ò kà á sí, ohun tó wà nínú ìtàn iṣẹ́ ni mò ń wò. Fún ẹni tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo lè ní kó lò ó. Fún Àdùkẹ́ tó ṣì ń gba owó oṣù níbẹ̀, kò tiẹ̀ yẹ ká máa jiyàn lé e: àwọn ará ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gan-an máa rí i.

Àdùkẹ́_Oníṣirò

Mo ti tún orúkọ ilé-iṣẹ́ ṣe, àmì wọn ti jáde. Mo pa Notify network. Orúkọ iṣẹ́ mẹ́rin yẹn, Lagos State, Ogun State, Nigeria lábẹ́ Remote, Recruiters only. Ó tún ń béèrè ìgbà tí mo lè bẹ̀rẹ̀: Immediately tàbí Flexible. Oṣù kan ni ìwé àdéhùn mi ní kí n fi sọ tẹ́lẹ̀ kí n tó lọ.

Ṣẹ́gun_Mànṣẹ́stà

Fi Immediately. Flexible máa jẹ́ kí wọ́n rò pé o kàn ń wò kiri ni.

Ìyá_Ìbejì_Yábàá

Mi ò gbà pẹ̀lú Ṣẹ́gun níbí. Ẹni tó bá rí Immediately lára ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lè rò pé wọ́n ti fẹ́ lé e. Flexible ni mo máa fi sí tìrẹ, kí o sì sọ oṣù kan náà fún wọn nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè. Tí o bá ti fọwọ́ sí lẹ́tà tuntun, lọ pa á lọ́jọ́ náà.

Mọ́ṣọọ̀dù_Ọ̀tà

Àdùkẹ́, ilé-iṣẹ́ wa máa ń wá èèyàn ní ẹ̀ka ìṣúná nígbà míì. Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ wà láti Ìyànà Ìpájà, kò dé Ìkẹjà. Tí ìyẹn ò bá dí ọ lọ́wọ́, kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀.